Ìkà Tí Mo Ka Patanmọ́

Bí ẹ bá rí obìnrin kan tó kúnlẹ̀ sáàárín pápá láago méje òwúrọ̀ Sátidé, tó fi páìpù funfun onígun mẹ́rin yí koríko ká, tó ń fìka tọ́ ewéko lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń ka "méje, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án" sókè, ẹ má rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Èmi ni. Bàọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama kan lọ́nà Ajah, ó sì ti lé lógún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Orí mi kò dàrú lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí. Ìgbéraga ló ń ṣe mí, ìyẹn sì burú ju wèrè lọ, nítorí wèrè kì í pe ìpàdé kó wá jábọ̀ ohun tó ṣe fún gbogbo àdúgbò.

Ẹ́sítéètì tí à ń gbé kò tóbi. Orí omi tí wọ́n da yanrìn sí ni wọ́n kọ́ ọ sí, bíi ti gbogbo aládùúgbò wa. Pápá kan wà láàárín rẹ̀, ọgọ́rùn-ún mítà ní òró, ọgọ́ta mítà ní ìbú, níbi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, tí àwa àgbà sì ń rìn yípo nírọ̀lẹ́ tí a ń tan ara wa jẹ pé à ń ṣe eré ìdárayá. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, patanmọ́ gba pápá náà. Ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ni ewéko tó máa ń pa ewé rẹ̀ dé tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á wá ṣe bí ẹni tí ojú ń tì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gún wà lára igi rẹ̀ tó lè ya ẹsẹ̀ ọmọdé. Ojoojúmọ́ ni àwọn ìyá ń gbé àwòrán ẹsẹ̀ ọmọ wọn sórí Wọ́sáàpù ẹ́sítéètì. Ẹsẹ̀ kan tiẹ̀ wà tí mo rí lẹ́ẹ̀mẹrin, láti igun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọkùnrin kan ṣoṣo ló ń tọ́jú pápá náà. Bàbá Gádínà ni gbogbo wa ń pè é. Ará Òkè-Ògùn ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Iṣẹ́ lébìrà ló bá wá sí Lẹ́kkí, òun náà wà lára àwọn tó ru búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi kọ́ ilé tí mò ń sùn nínú rẹ̀. Nígbà tí ilé parí, tí àwọn yòókù lọ wá sáìtì mìíràn, òun dúró, wọ́n fún un ní ọkọ́ àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko, wọ́n sì fún un ní yàrá kan lẹ́yìn ilé àwọn sikiọ́rítì lẹ́nu géètì. Yàrá náà àti iṣẹ́ náà, ọ̀kan ni wọ́n. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́, yàrá bọ́ nìyẹn.

Alága ẹ́sítéètì wa, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nílé báǹkì, kò ní ìpàdé kan tí kì í fi pápá wa wé ti VGC, ẹ́sítéètì àwọn olówó tó wà nítòsí wa. Ó pe Bàbá Gádínà, ó fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé kó fa patanmọ́ náà tu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé. Ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú, wọ́n pè é wọlé, ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó fi fìlà rẹ̀ sọ́wọ́.

"Mo ti ṣe ìdajì, sà," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i."

"Ìdajì wo?" Alága dìde. "Àbí ojú mi ti fọ́? Lánàá ni ẹ̀gún gún ọmọ-ọmọ mi!"

Wọ́n ní kí Bàbá Gádínà bọ́ síta ná. Àwọn kan ní kí wọ́n fún un láàyè. Àwọn kan ní ilé iṣẹ́ kan wà tó ń tọ́jú ọgbà, tó ní ẹ̀rọ, tó ní oògùn, kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún wọn, kí bàbá máa lọ sílé. Ariwo sọ. Ibẹ̀ lẹ́nu ti ń yún mi. Ẹni tó bá ti fi ogún ọdún bá àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sọ̀rọ̀ kò lè rí ariwo kó má fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́. Mo na ọwọ́ sókè bí akẹ́kọ̀ọ́.

"Ẹ má bá ara yín jà," ni mo wí. "Bàbá ní òun ti ṣe ìdajì, Alága ní kò ṣe nǹkan kan. Kí ló dé tí a ò ní kà á?"

Gbogbo wọn wò mí. Mo gbádùn ìwò náà, mi ò ní purọ́.

Ohun tó gbé mi gun ẹṣin ni pé mo ti kà á tẹ́lẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú kí Bàbá Gádínà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa patanmọ́, mo ti kó àwọn ọmọ kíláàsì mi wá sí pápá náà fún ẹ̀kọ́ àfojúrí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. Kò sẹ́ni tó lè ka gbogbo patanmọ́ orí pápá, ó máa kú síbẹ̀ ni. Ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò kì í mu ìkòkò tán. Nítorí náà, a ó na táàpù láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ìlà tí táàpù náà fà sílẹ̀ ni à ń pè ní tíránsẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, a ó gbé férémù onígun mẹ́rin, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan gééré, sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táàpù náà, a ó ka gbogbo patanmọ́ tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kúádíráàtì ni férémù náà ń jẹ́. Páìpù omi ni wọ́n fi ṣe tèmi, pọ́lọ́mbà ló bá mi so ó pọ̀. A ó sún síwájú ní mítà mẹ́wàá, a ó tún gbé e kalẹ̀, títí a ó fi dé òpin. Tí a bá ti ṣe ìlà mẹ́ta, kúádíráàtì mẹ́wàá lórí ìlà kan, a ní ọgbọ̀n. A ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó fi ọgbọ̀n pín in, ohun tó bá jáde ni iye patanmọ́ tó wà nínú mítà kan ní òró àti ní ìbú.

Lọ́jọ́ tí a kà á pẹ̀lú àwọn ọmọ, méjìlá ló jáde. Mo ṣì ní ìwé náà. Tí Bàbá bá ti ṣe ìdajì lóòótọ́, mo sọ fún ìpàdé, nǹkan bí mẹ́fà ló yẹ kó kù. Tí kò bá ṣe nǹkan kan, á ṣì wà ní méjìlá. "Nọ́ńbà kì í bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́," ni mo fi kádìí ọ̀rọ̀ mi. Ẹ wò ó, gbólóhùn yẹn dùn lẹ́nu mi débi pé mo tún un sọ nígbà tí mo délé, fún ọkọ mi tó ń sùn.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ti dé pápá kí oòrùn tó yọ dáadáa. Mo wọ bàtà rọ́bà, mo dé fìlà gbòòrò, mo so bírò mọ́ ọrùn. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ gé pápá balẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọ̀ ewé kan náà ló dà bí ẹni pé ó bò ó. Bàbá Gádínà ń gbá ewé níwájú géètì. Mo ké sí i.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi di orí táàpù mú?"

"Kò burú, Tíṣà." Ó gbé ìgbálẹ̀ jù sílẹ̀. "Kí lẹ fẹ́ wọ̀n?"

"Patanmọ́ ni mo fẹ́ kà."

Ojú rẹ̀ là. "Háà, ẹ ṣeun, Mà. Ọlọ́run á san án fún yín." Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí rẹ̀ ló ń ṣe é tó fi ń dúpẹ́. Mo tilẹ̀ rò lọ́kàn mi pé ara ń fu ú ni, pé ó ń fi ọpẹ́ tù mí lójú.

Ó bá mi fa táàpù náà. Ó fà á le débi pé ó ń dún bí okùn gòjé tí atẹ́gùn bá fẹ́ lù ú. Èmi kúnlẹ̀, mo kà. Mo rọ̀ mọ́ gbogbo òfin. Èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ wà lábẹ́ páìpù gan-an, tí ó bá jẹ́ apá òkè tàbí apá òsì, mo kà á. Tó bá jẹ́ apá ìsàlẹ̀ tàbí apá ọ̀tún, mi ò kà á, kí a má baà ka ẹyọ kan ju bó ṣe yẹ lọ. Ibi gbogbo tí mo bá ti kà, mo ń gún igi ìgbálẹ̀ kan sílẹ̀ tí mo so náílọ́ọ̀nù pupa mọ́ lórí, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń jiyàn lè wá tún un kà níbi tí mo ti kà á. Mọ́kànlá. Mẹ́tàlá. Méjìlá. Méjìlá. Mọ́kànlá. Láti kúádíráàtì kan sí èkejì, mítà mẹ́wàá ni mò ń rìn, ojú mi sì wà nínú ìwé, mò ń ṣe àròpọ̀. Ohun tí mò ń tẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ láàárín méjèèjì kò kàn mí. Inú mi ń dùn pé àwọn nọ́ńbà náà jọra. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án, mo ti ní ọgbọ̀n, àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ òjìdínnírinwó. Mo fi ọgbọ̀n pín in. Méjìlá géérégé.

Àánú bàbá ṣe mí díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n inú mi dùn jù ú lọ. Ó ń bá mi ká táàpù wọ inú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo sọ lọ́kàn mi pé ẹ wo bí èèyàn ṣe máa ń rẹ́rìn-ín tó bá ti mọ̀ pé wọn ò lè rí òun mú.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo ka àbájáde níwájú ìpàdé. Mi ò kà á bẹ́ẹ̀ lásán o. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo ya àwòrán òpó méjì sí i, èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì ga dọ́gba. Mo tún fi pápá ṣe ìṣirò fún wọn: ẹgbẹ̀rún mẹ́fà mítà, méjìlá méjìlá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjìléláàádọ́rin patanmọ́. Obìnrin kan fọwọ́ bo ẹnu, ó ní "Jésù!" Alága kò sọ ju gbólóhùn kan lọ, ó ní, "Mo ti wí bẹ́ẹ̀." Wọ́n dìbò. Wọ́n ní kí Bàbá Gádínà gbé ọkọ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, kó sì fi yàrá sílẹ̀ ní ìparí oṣù. Bí mo ṣe dé ilé, àwọn kan ti ń pè mí ní Pùròfẹ́sọ̀ lórí Wọ́sáàpù. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi àmì ọwọ́ àdúrà dáhùn, bí onírẹ̀lẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni ilẹ̀ la sí mi lẹ́sẹ̀. Akọ̀wé ẹ́sítéètì ní kí n wá fọwọ́ sí ìwé àbájáde náà kí òun lè fi pamọ́. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ló ń gbé, fàráńdà rẹ̀ sì kọjú sí pápá. Ó gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún mi, a jọ jókòó síta. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́jọ tí wọ́n ti gé koríko yẹn. Patanmọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó rẹ̀, èyí tó rí roboto, tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Mo gbójú sókè láti ìdí bírò, mo wo pápá.

Ìlà ìlà ni pápá náà. Ìlà pupa kan, ìlà tútù kan. Pupa kan, tútù kan. Láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ó rí gẹ́lẹ́ bí aṣọ òkè tí wọ́n rán pọ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà márùn-ún. Ìlà tútù mẹ́wàá, kò sí òdòdó nínú wọn àfi ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ìlà pupa mẹ́wàá sì kún fọ́fọ́. Igi ìgbálẹ̀ mi ṣì wà ní ìdúró, gbogbo wọn, pẹ̀lú náílọ́ọ̀nù pupa lórí wọn. Mo kà wọ́n. Ọgbọ̀n. Ọgbọ̀n-ọgbọ̀n wọn ló wà nínú ìlà pupa. Kò sí ẹyọ kan, ẹyọ kan ṣoṣo, nínú ìlà tútù.

"Ó wuyì, àbí?" Akọ̀wé wí. "Mo rò pé irú koríko tí wọ́n gbìn ló rí bẹ́ẹ̀."

Mo gbé ife sílẹ̀. Mo ní ara mi kò yá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo ṣe. Mítà márùn-ún tí a ro, mítà márùn-ún tí a fò, ó jẹ́ mítà mẹ́wàá. Èmi náà, mítà mẹ́wàá ni mò ń fò. Ẹsẹ̀ èmi àti iṣẹ́ Bàbá ń lọ ní ìdọ́gba, ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ mi sì bọ́ sí ibi tí kò tíì ro. Láti ìgbà náà, gbogbo ẹsẹ̀ mi ló ń bọ́ síbẹ̀. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ní mítà márùn-ún síwájú, ibi tó ti ro nìkan ni ǹ bá kà, ǹ bá sì sọ fún ìpàdé pé patanmọ́ ti tán pátápátá. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo mọ̀ ọ́n. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́dọọdún pé tí wọ́n bá ń gbé kúádíráàtì sílẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, kí wọ́n ṣọ́ra bí ilẹ̀ náà bá ní àwòṣe tó ń padà wá léraléra, bí ebè tàbí poro oko. Mo ti fi í ṣe ìbéèrè ìdánwò. Mo ti fi bírò pupa gé máàkì ọmọ ènìyàn lórí rẹ̀, mo kọ "Ronú!" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo bọ́ sílẹ̀, mo lọ sẹ́nu géètì. Bàbá Gádínà jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Wọ́n ti fún un ní ìwé rẹ̀ ní Ajé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, sikiọ́rítì ló kà á fún un, ó ní wọ́n ní iṣẹ́ òun kò tẹ́ àwọn lọ́rùn.

"Bàbá," mo wí, mi ò lè wo ojú rẹ̀, "kí ló dé tí ẹ fi ń fo ìlà nígbà tí ẹ ń fa patanmọ́?"

"Bí a ṣe ń ṣe é lóko wa nìyẹn, Mà. Ẹ̀gún ń bẹ lára rẹ̀. Tí ẹ bá fà á tu, ìlà tí ẹ kò tíì ro lẹ máa jù ú sí kó gbẹ, kó tó di pé ẹ kó o dànù. Tí ẹ bá jù ú sórí ibi tí ẹ ti ro, ẹ tún fún ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀gún nìyẹn." Ó ronú díẹ̀. "Àwọn ọmọ náà ń ríbi sáré sí. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n máa gba ojú ìlà mímọ́."

Mo ní ẹ ṣeun. Mo lọ sílé. Gbogbo òru yẹn ni mo fi bá ara mi jà, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ borí. Mo ní kò sẹ́ni tó mọ̀. Akọ̀wé rò pé irú koríko ni. Òjò kan péré, òdòdó á rẹ̀, náílọ́ọ̀nù pupa á ṣubú. Bàbá á rí iṣẹ́ mìíràn, ṣebí sáìtì kún Lẹ́kkí títí dé Free Zone. Èmi á ṣì máa jẹ́ Pùròfẹ́sọ̀. Ìgbà tí mo dé orí "Bàbá á rí iṣẹ́ mìíràn" ni ọ̀rọ̀ ara mi sú mi. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta, kó tún lọ ru búlọ́ọ̀kù nítorí pé èmi kò mọ ibi tí mò ń gbẹ́sẹ̀ lé.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo padà sí pápá. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gé ìwé wẹ́wẹ́. Mo kọ òdo títí dé mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún sí àwọn kan, mo kó wọn sínú fìlà mi. Mo kọ òdo títí dé mọ́kàndínlọ́gọ́ta sí àwọn kan, mo kó wọn sínú ike ìrẹsì. Mo na táàpù kan lọ sí òró pápá, mo na ìkejì lọ sí ìbú rẹ̀. Mo fa ìwé kan nínú fìlà, mo fa ọ̀kan nínú ike, mo lọ sí ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé, ibẹ̀ ni mo gbé páìpù mi kalẹ̀ sí. Mo dá ìwé padà, mo tún fà. Kò sí yíyàn. Ẹ̀ẹ̀kan, inú ọ̀gbàrá ló gbé mi lọ, mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Bàbá Gádínà jáde láti yàrá rẹ̀ láìpè, ó wá di orí táàpù mú. Mo ní àṣìṣe wà nínú ìṣirò mi, mo fẹ́ tún un ṣe. Kò bi mí léèrè kankan.

Kúádíráàtì àkọ́kọ́, òdo. Ìkejì, mẹ́tàlá. Ìkẹta, òdo. Ìkẹrin, ẹyọ kan. Àwọn nọ́ńbà náà kò jọra rárá, wọ́n rí jákujàku. Nígbà tí mo parí ọgbọ̀n, àròpọ̀ jẹ́ igba ó dín márùn-ún. Mẹ́fà àti ààbọ̀ nínú mítà kan. Láti méjìlá. Ó ti ṣe ìdajì, díẹ̀ ló kù kó pé, bó ṣe wí gan-an nígbà tó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ náà ni mo lọ bá Alága àti Kọ̀mítì ẹ́sítéètì. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo ká ìwé náà sápò, mo kàn sọ ọ́. Mo ní èmi ni mo ṣìṣe, ibi tí bàbá kò tíì ro nìkan ni mo kà.

"Dúró ná," Alága wí. "Ṣé èyí àkọ́kọ́ ni irọ́, àbí èyí? Nítorí o ní nọ́ńbà kì í bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́."

Mo mọ̀ pé á dá a padà fún mi. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá mi lọ sí fàráńdà Akọ̀wé. Gbogbo wọn gòkè, àgbà márùn-ún, wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ irin fàráńdà bí ẹyẹ. Wọ́n wo ìlà pupa, wọ́n wo ìlà tútù, wọ́n wo igi ìgbálẹ̀ mi tí gbogbo wọn dúró sójú kan. Ọkọ Akọ̀wé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Tíṣà! Ẹ̀ẹ̀mẹwàá lórí ìlà kan! Ẹ ò tiẹ̀ ṣìnà lẹ́ẹ̀kan!" Alága kò rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gba ìwé bàbá padà, kí wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó bèèrè. Ó wo pápá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní, "Ó sì fà á ní títọ́ o, ọkùnrin yìí." Títí di òní, ẹni kan wà ní ẹ́sítéètì wa tó máa ń na ẹsẹ̀ gígùn kan tó bá rí mi, á ní, "Mítà mẹ́wàá!" Mo máa ń kí i padà.

Nírọ̀lẹ́ yẹn ni mo lọ bá Bàbá Gádínà lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Sikiọ́rítì ti ṣáájú mi sọ fún un. Bí ó ṣe rí mi, ó ṣí fìlà, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún mi, èmi tí mo lè jẹ́ àbúrò rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Tíṣà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ọmọ yín ò ní rí ìyà."

Ì bá sàn kó gbá mi létí. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ dìde. Mi ò bá yín bẹ ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo fà á. Ìkà tí mo kà lọ́jọ́sí, òun ni wọ́n fi lé yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Mo ṣàlàyé fún un, mítà márùn-ún, mítà márùn-ún, mítà mẹ́wàá. Ó ń gbọ́ mi, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Nígbà tí mo parí, ẹnu mi kò lè dákẹ́, mo bi í ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti Ọjọ́bọ̀.

"Ẹ̀yin lẹ di táàpù mú. Ṣé ẹ ò rí i pé ibi tí ẹ kò tíì ro ni mò ń kúnlẹ̀ sí ní gbogbo ìgbà?"

"Mo rí i, Mà."

"Kí wá ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀gún patanmọ́ ti fà á ya láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́, àwọn kan ti jinná, àwọn kan ṣì pupa. Mi ò tíì wo ọwọ́ ọkùnrin náà rí kó tó di ọjọ́ yẹn.

"Mo rò pé iṣẹ́ tó kù lẹ̀ ń kà ni," ló wí. "Mo ní, Tíṣà ti rí i pé ó pọ̀ jù fún ẹnì kan. Ó fẹ́ lọ fi nọ́ńbà rẹ̀ hàn wọ́n, kí wọ́n lè wá ẹnìkejì fún mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fa táàpù yẹn le, kó má baà yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀."

Mo tún wo ọwọ́ rẹ̀ tó ya yẹn.

"Ṣé kò wá sí ẹnìkejì nìyẹn?" ló bi mí.

Mo ní kò sí.